Prí-ọ́dà Ló Sọ Mí Ní Ó-ń-bọ̀-lọ́nà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe ń wúwo tó, kí ó wá sí Ìbàdàn kí wọ́n fún un ní ìnagijẹ. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti ru táyà tírélà láti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó rí, mo ń jẹ ẹ̀pà lọ, mi ò mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ mí nígbà Ramadan tó kọjá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sọ mí ní Ó-ń-bọ̀-lọ́nà. Bí mo bá ra ẹ̀kọ, ẹlẹ́kọ á ní, "Ó-ń-bọ̀-lọ́nà, gba ṣéńjì ẹ." Bí mo bá wọ mọ́sáláṣí, àwọn ọmọ kéú á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn ní ẹ̀gbẹ́. Ewúrẹ́ agboolé wa gan-an, tí mo bá ń kọjá, á wò mí tìkà-tẹ̀gbin, á ní "mẹ̀ẹ́ẹ̀." Mo mọ ohun tó ń sọ.

Nítorí náà mo búra. Mo ní orúkọ yìí kò ní bá mi dé sàréè. Ẹnu tó ti jáde ni yóò padà sí. Ẹnu náà, ẹnu Sọ̀fíyàt ni.

Sọ̀fíyàt yìí, ìyàwó ilé wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ẹ, nígbà tí mo ṣì ń fi ṣòkòtò péńpé sá kiri. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ilé ló bá mi, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́: kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, "ẹ" ló sì gbọdọ̀ máa fi bá mi sọ̀rọ̀. Orúkọ tó fún mi lọ́jọ́ tó wọlé ni Akọ̀wé. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni èmi àti ìwé ti pínyà, ìwé gba ọ̀nà tirẹ̀, èmi náà gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà lọ. Ẹ wá bá mi wò ó bóyá àpọ́nlé ni Akọ̀wé yẹn àbí èébú.

Lọ́jà, Ìyá Mutmainnah ni wọ́n ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà'ba, tó kéré débi pé tí oníbàárà méjì bá wọ ibẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ mí síta kí èkejì tó mí sínú. Fáànù tó ń gba iná sára, tọ́ọ̀ṣì, áyọ́ọ̀nù, gbogbo nǹkan Ṣáínà ló ń tà. Èyí tí kò bá sí nílẹ̀, á gbé àwòrán rẹ̀ sórí Wasáàpù, á kọ ọ́ sábẹ̀ pé prí-ọ́dà ni: ẹ san owó díẹ̀ sílẹ̀, òun á bá yín kó o wá láti Ṣáínà.

Èmi ni ọ̀gá àwọn ajísààrì Bẹ́yẹrúnkà, àwa tí à ń kọrin kiri nígbà Ramadan kí àwọn èèyàn lè dìde jẹ sààrì. Ohùn mi kì í ṣe ohùn lásán. Ọdún kan wà tí mo fa orin kan, àkùkọ mẹ́ta kọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ni àwọn tún kù sí. Ṣùgbọ́n Jubril, ọ̀gá àwọn ajísààrì Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ń ta ṣájà fóònù ní Oríta-mẹ́rin, lọ ra họ́ọ̀nù, irú èyí tí àwọn tó ń ta oògùn eku máa ń gbé sẹ́nu. Níbi tí ohùn tiwa bá kú sí, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń dìde.

Bí Ramadan ṣe ku bí oṣù méjì, mo rí họ́ọ̀nù kan lórí Wasáàpù Sọ̀fíyàt. Ẹ̀yin èèyàn mi, họ́ọ̀nù! Èèyàn ń gbé e kọ́ èjìká, ó ń gba iná sára, ó tún ní bọ́tìnì kan tí èèyàn lè fi gba ohùn sílẹ̀ kí ó máa pariwo fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn. Ohun tó kọ sábẹ̀ nìyí: "Prí-ọ́dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdajì owó sílẹ̀. A kì í dá owó padà." Ó tán. Ọ̀rọ̀ kúkurú bí ìrù ewúrẹ́.

Mo fi ìka ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo rí i pé họ́ọ̀nù á ti dé kí oṣù Ramadan tó lé. Mo tẹ àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé mo gbà, mo kó owó ẹgbẹ́ fún un. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo gba Oríta-mẹ́rin lọ bá Jubril.

"Jubril, lọ ra òwú tí o máa ki sétí," mo ní. "Họ́ọ̀nù wa tó ń bọ̀ yìí, tí a bá fọn ọ́n ní Bẹ́yẹrúnkà, páànù orí ilé yín á ṣí fúnra rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Tí a bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, omi Ògùnpa á padà síbi tó ti ń bọ̀."

Jubril ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi ṣájà tó ń tò. "Ìgbà wo ló ń dé?"

"Kí oṣù tó lé!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Mo ti fi ẹnu ara mi gbẹ́ kòtò, mo tún fi gbálẹ̀ etí rẹ̀ kó lè dùn ún já sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, họ́ọ̀nù kò dé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Ìyàwó, họ́ọ̀nù wa dà?"

"Akọ̀wé ọkọ mi, ó ń bọ̀ lọ́nà."

Oṣù lé. Mo tún lọ.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ mi. Sùúrù ni baba ìwà."

A wá ń fi ọ̀fun lásán pariwo. Nígbà tí àwẹ̀ fi máa dé ìdajì, ohùn mi ti há débi pé mo ní "ẹ dìde," ìyá arúgbó kan rò pé ológbò ló há sẹ́nu ọ̀nà òun, ó ju orí ẹja sí mi. Ọjọ́ tí Jubril dá wa dúró lójú títì, tó bi wá pé họ́ọ̀nù wa ńkọ́, kí n tó yanu, òmùgọ̀ kan nínú àwọn èèyàn mi ti dáhùn: "Ó ń bọ̀ lọ́nà." Ó parí. Jubril fi họ́ọ̀nù tirẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, wọ́n ti fi kọrin ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n ti ń fi pe ọmọ aláìgbọràn.

A jẹ ọdún ìtúnu àwẹ̀ tán, a jẹ ẹran rẹ̀ tán, a fi egungun rẹ̀ se ọbẹ̀ tán, kí họ́ọ̀nù tó dé.

"Akọ̀wé ọkọ mi, ẹrù yín dé o! Ẹ wá san ìyókù."

"Ta ni mo fẹ́ fi jí?" mo pariwo. "Àwẹ̀ ti tán! Gbogbo mùsùlùmí Ìbàdàn ti ń sùn, wọ́n ń hanrun! Dá owó wa padà."

Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kí mi bí ìyàwó rere ṣe ń kí ọkọ. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tó fi gún mi lọ́bẹ.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í dá owó padà. Àtàǹpàkò yín rèé lórí fóònù mi. Àbí ẹ ò kà á ni, Akọ̀wé?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo rò pé Ọjà'ba á wó. Tí mi ò bá san ìyókù, àsansílẹ̀ wa á wọgbó, họ́ọ̀nù á sì wọgbó tẹ̀lé e. Mo san án. Mo gbé họ́ọ̀nù kọ́ èjìká. Mo ní, "Ìyàwó, orí ẹ ni họ́ọ̀nù yìí á kọ́kọ́ ké lé."

Ọjọ́ kejì, mo pa iṣẹ́ táyà tì, mo lọ dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, mo tẹ bọ́tìnì.

"Ẹ̀yin ará Ọjà'ba! Ẹ wá ra prí-ọ́dà lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt! Ẹ sanwó fáànù lónìí, ọmọ-ọmọ yín ni yóò gba atẹ́gùn rẹ̀! Obìnrin kan sanwó tọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà nínú oyún, oyún náà ti bímọ! Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù rẹ̀, ìjàpá ló ń wà á, ìjàpá náà sì ń yà kí àwọn àna rẹ̀ ní gbogbo èbúté!"

Àwọn èèyàn dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú. Inú mi ń dùn, mo ń fi kún un: mo ní ìjàpá ti fẹ́yàwó kejì lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tán á yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá yọjú á béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Mo ti ní ọmọ-ọmọ ni yóò gbà á, Sọ̀fíyàt wá ń sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá dà bí ọ̀la létí wọn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré?" bàbá kan sọ bẹ́ẹ̀. "Kí ni ọkùnrin yìí ń ké sí? Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun àsárì, Sọ̀fíyàt jáde sí mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi inú ọ̀rá tútù fún mi.

"Ẹ fi tu ọ̀fun lára, ọkọ mi. Irú ọjà báyìí, n ò tà á rí. Ṣé ẹ máa bọ̀ lọ́la?"

Mo mu omi náà, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ṣùgbọ́n ìbínú ni mo fi mu ún. Bí ó ṣe ń dé ikùn mi ló ń hó.

Mi ò lọ lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó sídìí táyà mi ní Bẹẹrẹ, mo ń ro ìkà. Ibẹ̀ ni Obed ti ti ọ̀kadà rẹ̀ dé, ìṣó ti gún un ní táyà. Obed ń ta nǹkan ìdáná ní Ògùnpa, òun náà ń gba prí-ọ́dà, wọn ò sì bú u rí, kódà wọ́n ń kí i. Mo bi í pé oògùn wo ló ń lò.

Ó rẹ́rìn-ín. "Misba, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tìẹ yẹn, ọjọ́ wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

"Ọjọ́ tí mo sanwó. Ọjọ́ wo ni ǹ bá tún kà á?"

"Ìwọ lo kà á bẹ́ẹ̀. Òun ńkọ́?"

Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí sún mọ́ mi, ó jókòó.

"Gbọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan ní Ṣáínà kì í ta ẹyọ kan fún wa. Àfi kí a kó àwọn tó fẹ́ rà á jọ títí wọ́n á fi tó iye tí wọ́n lè tà. Ìgbà yẹn la máa ti ọ́dà, a ò ní gba tẹnikẹ́ni mọ́, owó á wá lọ. Ọjọ́ yẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wa kó ẹrù lọ́hùn-ún, á wọ̀n ọ́n, á dì í. Tó bá jẹ́ bàálù ni, kì í pẹ́ púpọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni, oṣù lo máa kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ó tún máa dé Èkó, kọ́sítọ́ọ̀mù á wò ó, kó tó wá rí ọ̀nà Ìbàdàn."

"Gbogbo ìyẹn wà nínú 'ọ̀sẹ̀ mẹ́fà'?"

"Ọdún tuntun àwọn Ṣáínà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún yìí, ẹnu Ramadan gan-an ló bọ́ sí. Kí ó tó dé ni wọ́n ti máa ń ti ilé iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á lọ sílé bàbá wọn bí a ṣe ń lọ sílé lọ ṣe Iléyá. Ẹni tó bá ń ta nǹkan Ramadan mọ èyí, ó yẹ kó sọ ọ́."

Mo ní kó fi ohun tí òun máa ń kọ hàn mí. Ó na fóònù sí mi. Ó gùn, kò dà bí ìrù ewúrẹ́ rárá. Ó kọ ọ́ pé ọjà yìí kò sí nílẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí òun máa ti ọ́dà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni òun fojú bù, òun ò búra. Ìdajì owó sílẹ̀, ìyókù àti owó ẹrù tó bá dé. Ẹni tó bá yí ọkàn padà kí òun tó ti ọ́dà á gba owó rẹ̀. Tí òun bá ti tì í, owó ti lọ, kò ṣeé fà padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun ni òun pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, òun á pe oníbàárà kó tó pe òun, òun á ní kó yàn: kó dúró, tàbí kó gba gbogbo owó rẹ̀ pátá. Ìlà tó parí rẹ̀ ni: "Tí o bá ní ọjọ́ kan pàtó lọ́kàn, ra èyí tó wà nílẹ̀."

"Wọn kì í sá fún ọ báyìí?"

"Àwọn kan ń sá. Àwọn tó kù kì í bú mi."

Mo fi ọwọ́ gbá táyà. Níbí ni ọ̀bẹ wà! Irọ́ mi ń pa Sọ̀fíyàt lẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló máa pa á lẹ́kún. Mo lẹ táyà Obed lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún nu ọ̀kadà rẹ̀ títí tó fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Gbígba ohùn sínú họ́ọ̀nù yẹn ni iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe láyé mi. Èmi, kí n sọ òótọ́ láìfi iyọ̀ sí i! Lẹ́ẹ̀kíní, ìjàpá ti yọjú kí n tó mọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, oyún tó bímọ ló wọlé. Mo fi eyín di ahọ́n mú kí n tó lè sọ ọ́ tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé táyà kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbé họ́ọ̀nù lé e, mo tẹ̀ ẹ́, mo káwọ́ lẹ́yìn. Ó ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ:

"Ẹ̀yin tó ń ra prí-ọ́dà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ọjọ́ wo lẹ máa ti ọ́dà? Ọjọ́ yẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ẹ béèrè: títí di ìgbà wo ni mo fi lè gba àsansílẹ̀ mi padà? Ẹ béèrè: tí ẹrù bá pẹ́, kí lẹ máa ṣe fún mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró, owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, owó náà ń padà sínú àpò. Bàbá tó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ padà wá, ó fajú ro. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àjọkẹ́ dé, aránṣọ kan ní Mápó, tó ti san àsansílẹ̀ áyọ́ọ̀nù tipẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan họ́ọ̀nù.

"Ìyá Mutmainnah, mo gbọ́ ohun tí nǹkan yìí ń sọ. Ọjọ́ wo lẹ ti ọ́dà tèmi?"

Sọ̀fíyàt ń tò tọ́ọ̀ṣì. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò ronú kó tó dáhùn. "Áyọ́ọ̀nù yín? Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ẹ̀yin èèyàn, ariwo tó sọ! Ẹyẹlé orí mọ́sáláṣí fò dé Mápó, wọn ò tíì padà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. "Ó ń bọ̀ lọ́nà! Ó ń bọ̀ lọ́nà ló tún sọ! Ẹ wo Ìyá Ó-ń-bọ̀-lọ́nà!" Mo rí i tí orúkọ náà fò kúrò lórí mi, mo fojú mi rí i, ó bà lé gèlè rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo jó láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnkà, mo jó kọjá ewúrẹ́ agboolé wa, ewúrẹ́ wolẹ̀.

Ayọ̀ mi kò ju oorun ọjọ́ kan lọ. Bí mo ṣe tẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, ọlọ́kọ̀ kan tó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà wò mí dáadáa. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ti agboolé Ó-ń-bọ̀-lọ́nà wá?"

"Agboolé kí ni?"

"Ilé tí ìyàwó yẹn ti ń tajà ní Ọjà'ba. Wọ́n ní gbogbo yín lẹ̀ ń jẹ́ ẹ."

Kí n tó palẹ̀ mọ́, wọ́n ti rán sí mi pé Bàbá Àkíbù ń pè mí. Bàbá Àkíbù ni baálé wa. Mo bá a lórí ẹní rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ti wú.

"Misbaudeen," Bàbá ní, "mo kí ìrun tán ní mọ́sáláṣí, lèmọ́mù bá mi bọ ọwọ́, ó ní, 'Bàbá Ó-ń-bọ̀-lọ́nà, ṣé dáadáa ni?' Lèmọ́mù o! Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìwọ lo sọ ọ́, orí mi ló bà."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́."

Bàbá yíjú sí i. "Sọ̀fíyàt, ìgbà wo lo ti ọ́dà họ́ọ̀nù wọn?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sanwó, Bàbá. Àwọn tó fẹ́ rà á kò tètè pé. Nígbà tí mo fi máa fi owó ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ fún ọdún wọn."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lọ rà á níbòmíì. Mo wá ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ó sì wà ní ilé iṣẹ́, kò tíì wọ ọ̀nà!" mo fò sókè.

"Jókòó," Bàbá ní. "Gbogbo ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ti pẹ́ ju ohun tí o sọ fún un lọ, Sọ̀fíyàt, pè é lónìí, kó yàn: kó dúró tàbí kó gba owó rẹ̀. Misbaudeen náà wà níbẹ̀."

"Bàbá, mi ò fẹ́ owó," mo ní. "Orúkọ ni mo fẹ́. Kí ó lọ sí Oríta-mẹ́rin, kó lọ gba orúkọ mi lọ́wọ́ Jubril, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú họ́ọ̀nù tó pẹ́ yẹn."

Sọ̀fíyàt gbójú sókè, ó wò mí bíi pé kó fi eyín fà mí ya. "Mo máa lọ, Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ máa gbé họ́ọ̀nù náà lẹ́yìn mi."

Báyìí la ṣe dé Oríta-mẹ́rin ní ọ̀sán, mo pọn họ́ọ̀nù bí ọmọ. Jubril rí wa, ó pàtẹ́wọ́. "Ó-ń-bọ̀-lọ́nà ti dé o!"

Sọ̀fíyàt gba họ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́, obìnrin yìí lẹ́nu. "Jubril, èmi ni mo pẹ́, ọkọ mi kò pẹ́! Ọkọ mi sanwó lákòókò, ó sọ òótọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un. Èmi ni mi ò sọ ọjọ́ tí mo máa ti ọ́dà. Èmi ni mi ò sọ pé Ṣáínà ń ṣọdún. Orúkọ tí ẹ fi ń pè é, ẹ mú un wá!"

Onírú kan ní, "Ó dáa, ó dáa, wọ́n ti gbà á." Mo rí i tí àyà mi fẹ̀, ó fẹ̀ títí ọ̀kadà fi ń yà fún un.

Jubril kò tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Họ́ọ̀nù ló ń wò. Tirẹ̀ ti gbó, ó ti ń wúkọ́. "Ìyá Mutmainnah, méjì ni mo fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dé kí Iléyá tó dé, wọ́n ti pè wá síbi àsè wòlímà kan, ẹgbẹ́ ajísààrì mẹ́ta ló ń bọ̀ níbẹ̀."

Sọ̀fíyàt wò mí. Mo wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tó ti wọ ilé wa, ohun kan náà ló wà lójú wa méjèèjì.

"Ìyàwó," mo ní, "sọ ọ́ fún un tán. Má fi nǹkan kan pa mọ́."

Ó gbé họ́ọ̀nù sẹ́nu padà, ó sọ ọ́ fún Jubril tán, ní ìṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, gbogbo Oríta-mẹ́rin ń gbọ́. Ó ní kò sí nílẹ̀. Ó ní òun ò tíì ti ọ́dà, ó sọ ọjọ́ tí òun máa tì í, ó ní kó tó di ọjọ́ yẹn ó lè gba owó rẹ̀ padà, lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbà á. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láti ọjọ́ náà, òun fojú bù ú ni. Ó ní tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ òun á pè é, á yàn bóyá kó dúró tàbí kó gba gbogbo owó. Ó ní, "Jubril, mi ò ṣèlérí Iléyá fún ọ. Tó bá jẹ́ Iléyá lo fẹ́, ra èyí tó wà nílẹ̀."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Fóònù Jubril dún. Kò kà á. Ó tẹ àtàǹpàkò sí i, ó ti kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ẹ gbọ́!" ó ń pariwo. "Méjì ló ń bọ̀! Kí Iléyá tó dé, páànù orí ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà máa ṣí!"

Sọ̀fíyàt rọra gbé họ́ọ̀nù kọ́ mi léjìká. "Ó yá ká máa lọ, Akọ̀wé ọkọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí àádùn.

Mi ò parọ́ fún Jubril o. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Họ́ọ̀nù la fi sọ òótọ́ sí i létí méjèèjì. Orúkọ yẹn wà lọ́wọ́ mi nílé báyìí, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a. Mo mọ bí ọrùn Jubril ṣe fẹ̀ tó, mo mọ̀ pé á bá a mu. Àràárọ̀ ni mò ń gba Oríta-mẹ́rin kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà mi, mo kàn ń bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Jubril, ìgbà wo ló ń dé?"